Ìdánimọ̀ àwọn èèyàn jàǹkàn níbi ìṣíde ayẹyẹ

Ìdánimọ̀ àwọn èèyàn jàǹkàn ni apá ìṣíde ayẹyẹ tí atọ́kùn ètò ti máa ń dárúkọ àwọn olóyè, aláṣẹ àti àlejò pàtàkì tó wà ní ìjókòó, ní títẹ̀lé ipò wọn. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ó máa ń wáyé lẹ́yìn orin orílẹ̀-èdè àti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ṣáájú ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é: láti fi ọ̀wọ̀ fún ipò, láti jẹ́ kí àwùjọ mọ ẹni tó wà láàárín wọn, àti kí àwọn tó máa sọ̀rọ̀ má baà tún orúkọ náà kà lọ́kọ̀ọ̀kan.

## Ètò ipò

Ipò ni wọ́n ń tẹ̀lé, kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí ọrọ̀. Ní ìpele orílẹ̀-èdè, Ààrẹ ló ṣáájú, Igbákejì Ààrẹ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin àti Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Ní ìpele ìpínlẹ̀, Gómìnà ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni Igbákejì Gómìnà, Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ àti Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀.

Ètò yìí bá Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 mu. Gẹ́gẹ́ bí abala 146 ti wí, bí àyè Ààrẹ àti ti igbákejì rẹ̀ bá ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ni yóò dipò mú fún ìgbà tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Abala 191 fi irú ojúṣe kan náà lé Abẹnugan ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá rántí ẹni tí agbára kàn tẹ̀lé kò ní ṣòro fún láti rántí ẹni tí orúkọ kàn tẹ̀lé.

Bí aláṣẹ kan bá rán aṣojú, ipò ẹni tó rán an ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó dárúkọ aṣojú náà. Aṣojú Gómìnà ló sì sábà máa ń gba ipò kìíní tí Gómìnà ì bá gbà. Ẹni tó ní oyè púpọ̀ ni wọ́n máa ń fi oyè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é wá ibi ayẹyẹ náà kí. Bí gíwá yunifásítì bá jẹ́ olóyè ní ìlú rẹ̀, gíwá ni yóò ṣáájú níbi ayẹyẹ ẹ̀kọ́.

## Ipò àwọn ọba

Níbi tí ètò ìjọba àti àṣà Yorùbá ti pàdé ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Nínú ètò ìjọba, àwọn aláṣẹ tí ará ìlú dìbò yàn sábà máa ń ṣáájú àwọn ọba. Nínú àṣà Yorùbá, aláṣẹ èkejì òrìṣà ni ọba, kò sì yẹ kí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ láàárín orúkọ ẹlòmíràn. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kí ètò ìjọba ṣiṣẹ́ níbi ayẹyẹ ìjọba, kí ọba sì ṣáájú ní ààfin àti níbi ọdún ìbílẹ̀. Níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, fún àpẹẹrẹ, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti kí Awùjalẹ̀.

Bí ọba méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà níbẹ̀, atọ́kùn ètò kò gbọdọ̀ fi èrò ara rẹ̀ tò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ipò ọba ti fa àríyànjiyàn láti ìgbà pípẹ́: ní ọdún 1903, Gómìnà William MacGregor pe Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní wá sí Èkó láti sọ bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dé adé. Àtòkọ ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba ìpínlẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀lé. Bí kò bá sí lọ́wọ́, wọ́n lè kí ọba tó ni ìlú, kí wọ́n wá kí àwọn yòókù papọ̀ ní «ẹ̀yin Kábíyèsí gbogbo». «Kábíyèsí» kì í ṣe ìkíni baálẹ̀; bí wọ́n bá fi kí i níwájú ọba, ẹ̀sùn ni.

## Àkókò ọ̀rọ̀

Láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kí àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ sí òkè ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣáájú ìdúpẹ́.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan fẹ́ ṣí ilé ìkàwé tuntun ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́ ló ṣojú Gómìnà. Orúkọ 18 ló wà lórí ìwé atọ́kùn, ní ètò yìí: aṣojú Gómìnà, alága ayẹyẹ, aṣòfin ìpínlẹ̀, alága ìjọba ìbílẹ̀, ọba ìlú àti àwọn olóyè, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn, àwọn aṣojú òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, lẹ́yìn náà àwọn akọ̀ròyìn, kí ó tó kan gbogbo èrò ìjókòó. Bí orúkọ kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 10, ìdánimọ̀ náà yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta.

- Orin orílẹ̀-èdè àti àdúrà: ìṣẹ́jú 5
- Ìdánimọ̀: ìṣẹ́jú 3
- Ìkíni káàbọ̀ láti ẹnu ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́: ìṣẹ́jú 5
- Ọ̀rọ̀ alága ayẹyẹ: ìṣẹ́jú 5
- Ọ̀rọ̀ ìkíni láti ẹnu èèyàn mẹ́rin, ìṣẹ́jú 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú 12
- Ọ̀rọ̀ aṣojú Gómìnà: ìṣẹ́jú 10
- Gígé ríbọ́ọ̀nù: ìṣẹ́jú 10
- Ìdúpẹ́: ìṣẹ́jú 3

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 53, nítorí náà ètò yóò parí ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 53. Èèyàn mẹ́jọ ló máa sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn bá tún orúkọ 18 náà kà, ìṣẹ́jú 24 ni yóò kún ètò náà. Ìdí nìyẹn tí olùsọ̀rọ̀ fi máa ń sọ pé òun dúró lórí ìkíni tó ti wáyé, tí yóò sì dárúkọ kìkì ẹni tó ga jù àti olùgbàlejò.

Ìwé pélébé tí wọ́n kọ «ìṣẹ́jú kan» sí ni olùṣọ́ àkókò máa ń gbé sókè fún olùsọ̀rọ̀. Wọn kì í gbé e sókè fún ọba. Ààfin ni wọ́n ti máa ń bá sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àṣìṣe tó máa ń dunni jù ni kí wọ́n fo orúkọ ẹnìkan, pàápàá bí wọ́n bá ti kí ẹni tí ipò rẹ̀ kéré sí tirẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ìwé ìpè ni atọ́kùn ń kà, kì í ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó dé. Nítorí náà, ẹnìkan ní láti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó máa kọ orúkọ, oyè àti ẹni tí àlejò ń ṣojú fún, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí atọ́kùn títí ìdánimọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń dá mọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì, wọn kì í dá olùsọ̀rọ̀ dúró nítorí rẹ̀. Ọba àti Gómìnà nìkan ni wọ́n sábà máa ń dá ètò dúró fún nígbà tí wọ́n bá ń wọlé. Bí wọ́n bá ti fo orúkọ, wọ́n máa ń pè é pẹ̀lú oyè rẹ̀ ní kíkún ní àyè tó kàn, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ gbólóhùn kan. Àlàyé gígùn á kàn mú kí àwọn tí kò kíyè sí i tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti fò ó.