«Ìwọ» Nínú Ìtàn

Ìtàn tí a fi «ìwọ» sọ ni èyí tí «o» ti gba ipò «mo» tàbí «ó», tí ohùn ìtàn fi dojú kọ ẹ̀dá ìtàn fúnra rẹ̀. Báyìí ni Chimamanda Adichie ṣe sọ ìtàn Akunna, ọmọbìnrin tó kúrò ní Èkó lọ sí Amẹ́ríkà, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2009.

Ká wo àgbẹ̀ kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n gbé ìwé owó gbà-má-bínú síwájú rẹ̀ kí oko rẹ̀ lè di ara Lẹ́kkí Fíríì Sóònù: «O mú bírò. O gbé e sílẹ̀. O ní kí wọ́n jẹ́ kí o tún ìwé náà wò, bẹ́ẹ̀ o kò mọ̀wé.» «O» bá a mu, nítorí àgbẹ̀ náà ti pín sí méjì: ọ̀kan fẹ́ fọwọ́ sí i, èkejì ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kọ «inú rẹ bàjẹ́ gidigidi», òǹkàwé á ní inú tòun kò bàjẹ́. Ìṣe ni «o» lè gbé. Ìmọ̀lára tí a kàn kéde máa ń já a.

«O» ti èdè Yorùbá tún ní ewu méjì. Gbàgbé àmì ohùn, «ó» di «o», ìtàn ti yí sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àgbàlagbà tí a sì ń pè ní «o» á dà bí ẹni tí ọmọdé ń rí fín, àfi bí ó bá ti hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ló ń bá ara rẹ̀ wí.