Àwòrán Mẹ́ta, Ilé Kan: Ohun tí Pláànù, Àwòrán Ojú Ilé àti Àwòrán Àlàwò Fi Hàn nípa Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ tó wà ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn mọ̀ dáadáa. Láti òde, ó dà bí ilé alájà méjì tí ògiri rẹ̀ ga déédéé yí ká, tí òrùlé rìbìtì kan sì jókòó lé e lórí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Èrò méjèèjì yìí kò tọ̀nà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ògiri òkè náà kò ní yàrá kankan lẹ́yìn, òrùlé rìbìtì náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan: mẹ́ta ni wọ́n, tí ọ̀kan wà nínú èkejì. Kò sí ibi kan tí ènìyàn lè dúró sí, yálà ní ìta tàbí ní inú, kí ó rí òtítọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Inú àwòrán àwọn ayàwòrán-ilé ló ti ń hàn, kì í sì í ṣe gbogbo àwòrán ló lè fi í hàn.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Pláànù ni àwòrán tí a ń rí bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé ilé ní ìbú, ní ìwọ̀n gíga ojú fèrèsé, tí a gbé apá òkè kúrò, tí a sì ń wo ìyókù láti òkè wá sí ilẹ̀. Àwòrán ojú ilé kò gé ohunkóhun. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan hàn bí ó ṣe rí gan-an ní ìta, ṣùgbọ́n ohun tó jìnnà kò kéré sí ohun tó súnmọ́ nínú rẹ̀, kí òṣùwọ̀n má baà yí padà. Àwòrán kẹta ni èyí tí a ó pè ní àwòrán àlàwò níhìn-ín, nítorí pé ńṣe ni a là á kí a tó wò ó. Bí a ṣe ń la ìbẹ́pẹ láti orí dé ìdí kí a lè rí bí ẹran ara rẹ̀ ṣe nípọn tó àti ibi tí hóró rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán yìí ṣe ń la ilé ní òòró, láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀.

Ìtumọ̀ yìí fi hàn pé ìbátan ni pláànù àti àwòrán àlàwò. Àwọn méjèèjì ló ń gé ilé, àwọn méjèèjì ló sì ń kun ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá ní dúdú tàbí kí wọ́n fi ìlà tó nípọn yí i ká, nígbà tí ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ń gba ìlà fẹ́lẹ́. Ibi dúdú yẹn ni ògiri, òpó àti òrùlé fúnra wọn. Àwòrán ojú ilé kò ní ibi dúdú rárá. Ìdí nìyí tí kò fi lè sọ bí ògiri ṣe nípọn tó, tàbí bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń rìn pọ̀. Nígbà tí Vitruvius, ará Róòmù, ń kọ̀wé nípa ilé kíkọ́ ní àkókò Késárì Ọ̀gọ́sítọ́sì, ó dárúkọ pláànù àti àwòrán ojú ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta tirẹ̀ ni àwòrán tó ń fi ilé hàn bí ojú ṣe ń rí i láti ọ̀nà jíjìn. Ní nǹkan bí ọdún 1519, nínú lẹ́tà tí a kọ sí Póòpù Leo Kẹwàá nípa àwókù ilé Róòmù, ayàwòrán Raphael gbé ètò mìíràn kalẹ̀: pláànù, ògiri ìta, àti ògiri inú. Ìdí tó fi bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé àwòrán bí-ojú-ṣe-rí-i máa ń dín òṣùwọ̀n kù, ẹni tó fẹ́ wọn ilé kò sì lè gbára lé e. Ogún tí Christopher Wren bá nílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún nìyẹn.

Pláànù: ibi tí a ń gbà rìn, ibi tí ẹrù ń sọ̀ sí

Lẹ́yìn tí iná ńlá ọdún 1666 ti ba kàtídírà àtijọ́ jẹ́, Wren ya ilé kan tí apá àgbélébùú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó sì mú kí a fi igi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ ní 1673 sí 1674. Àwọn àlùfáà kọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ gbọ̀ngàn gígùn tó bá ìtọ́wọ̀ọ́rìn ìsìn mu. Orí pláànù ni àríyànjiyàn yẹn dá lé, nítorí pé pláànù ló ń sọ ibi tí a ó gbà wọlé, ibi tí ìjọ yóò jókòó sí, àti bí pẹpẹ yóò ṣe jìnnà sí wọn tó. Ní 1675, Ọba Charles Kejì fọwọ́ sí àwòrán mìíràn tó ní gbọ̀ngàn gígùn pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì fún Wren láyè láti ṣe àtúnṣe bí iṣẹ́ bá ti ń lọ.

Ní ibi tí apá àgbélébùú ti pàdé, pláànù fi òpó ńlá mẹ́jọ hàn, tí wọ́n tò yí àyè rìbìtì kan ká. Òkùnkùn ni àmì wọn lórí ìwé: ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù òrùlé ń sọ̀ sí. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n wọn àyè tó wà láàárín wọn yóò rí i pé mẹ́rin fẹ̀, mẹ́rin sì fún. Ẹni tó dúró lábẹ́ òrùlé tó gbójú sókè kì í tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òkúta títẹ̀ bí ọrun tó wà lókè àwọn àyè náà ni a ṣe kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè jọ ara wọn. Pláànù tú àṣírí àìdọ́gba náà. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun kan nípa gíga, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ iye òrùlé tó wà lókè àwọn òpó wọ̀nyẹn.

Àwòrán ojú ilé: ohun tí ìlú ń rí

Bí a bá fi pláànù tí ọba fọwọ́ sí ní 1675 wé ti ilé tí a kọ́, a ó rí i pé àgbélébùú gígùn wà nínú méjèèjì. Bí a bá fi àwòrán ojú ilé wọn wéra, ńṣe ni a ó rò pé ilé méjì ni wọ́n. Nínú ti àkọ́kọ́, ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrú, ògiri gbọ̀ngàn àárín sì yọrí lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ayé àtijọ́. Nínú èyí tí a kọ́, ògiri ìta ga ní ìpele méjì, ìpele òkè sì ní ojú fèrèsé tí a gbẹ́ sára òkúta.

Àwòrán ojú ilé ni a fi ń mọ bí ìpele kan ṣe bá èkejì mu, àti bí ògiri ṣe gbé òrùlé rìbìtì ró lójú ẹni tó ń wò ó láti òpópónà. Ó sọ òtítọ́ nípa ohun tí ojú rí. Kò sọ pé púpọ̀ nínú àwọn ojú fèrèsé òkè yẹn kò ríran: òkúta ló dí wọn pa. Ìlà kan náà ni fèrèsé tó ṣí àti fèrèsé tó dí lè ní lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àwòrán àlàwò: ohun tó wà láàárín

Ibi tí a bá gbé ọ̀bẹ sí ṣe pàtàkì. Bí a bá la gbọ̀ngàn gígùn náà ní ìdábùú, láti àríwá sí gúúsù, a ó rí i pé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ parí sí ìpele ìsàlẹ̀. Ògiri ìpele òkè dá dúró lókè, afẹ́fẹ́ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri ìbòjú ni. Nínú àyè tó fi pamọ́ yẹn ni ọwọ́ òkúta títẹ̀ wà, èyí tó ń ti ògiri gbọ̀ngàn àárín lẹ́yìn kí òrùlé olókùúta má baà tì í ṣubú sí ìta. Ìwúwo ògiri ìbòjú náà tún ń tẹ ìdí àwọn ọwọ́ náà mọ́lẹ̀.

Bí a bá gbé ọ̀bẹ lọ sí àárín gbùngbùn òrùlé rìbìtì, ìtàn mìíràn ni a ó bá pàdé. Igbá àkọ́kọ́ ni ti inú, èyí tí James Thornhill kun àwòrán sí; òun ni ẹni tó wà nílẹ̀ ń rí. Igbá kẹta ni ti òde, tí a fi igi ṣe egungun rẹ̀, tí a sì fi òjé bò. Òun ni ìlú ń rí. Láàárín wọn ni òkòtó bíríkì kan wà tí a kò lè rí láti ilẹ̀ tàbí láti ìta. Ó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46 péré, síbẹ̀ òun ló gbé ilé àtùpà olókùúta tó wà lókè pátápátá, tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 850. Igbá òde tí gbogbo ènìyàn ń yìn kò gbé ilé àtùpà yẹn rárá. Òkòtó ló gbé òun náà.

Ìdí tó fi pọn dandan kí igbá di mẹ́ta hàn nínú àwòrán àlàwò kan náà. Òrùlé tó ga tó kí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù lè rí i yóò dà bí kànga jíjìn tó dojú dé fún ẹni tó ń wò ó láti inú. Wren fi igbá inú sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ nítorí ojú ẹni tó wà nínú ilé, ó gbé ti òde sókè nítorí ojú ìlú, ó sì fi iṣẹ́ ẹrù sí ọwọ́ òkòtó. Ògiri rìbìtì tó wà lábẹ́ òkòtó náà fì sí inú, kí ẹrù lè gba ọ̀nà tààrà dé orí òpó mẹ́jọ tí a rí nínú pláànù. Níwọ̀n bí òkòtó ti ń gbìyànjú láti ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìta, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin dì í ní ìdí.

Irú àwòrán yìí náà ni ibi tí ènìyàn ti lè ronú nípa ipa ọ̀nà tí ẹrù ń gbà. Robert Hooke, ọ̀rẹ́ Wren, ti sọ ní àwọn ọdún 1670 pé bí ẹ̀wọ̀n ṣe ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an, ní ìdojúdé, ni òkúta títẹ̀ yóò ṣe dúró ṣinṣin. Nínú àwòrán ìdajì òrùlé kan tí Wren fọwọ́ ara rẹ̀ yà, tó wà ní Ilé Ìṣúra Ìtàn ti Bìrìtìkó ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlà ìṣirò kan tẹ̀ kọjá lórí òrùlé náà. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbé jókòó nínú pláànù tàbí lórí àwòrán ojú ilé.

Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ

Ibi dúdú inú àwòrán ń sọ ìwọ̀n. Kì í sọ ohun tó kún inú rẹ̀. Òpó mẹ́jọ tó dà bí òkúta lódidi nínú pláànù àti nínú àwòrán àlàwò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú wọn ni òkúta gbígbẹ́. Inú wọn jẹ́ àfọ́kù òkúta tí a fi ẹfun àti iyanrìn pò pọ̀. Ìpìlẹ̀ wọn sì rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù náà, tí òkúta ojú wọn fi ń sán. Láti 1925 sí 1930, wọ́n ti abẹ́ òrùlé rìbìtì náà pa, wọ́n lu ihò sínú àwọn òpó, wọ́n rọ símẹ́ńtì ṣíṣàn sínú wọn, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n tuntun tí a fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe yí ìdí òrùlé ká. Lórí ìwé, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òpó tó kún fún àfọ́kù àti èyí tó jẹ́ òkúta gidi. Ojú sísán ló kọ́kọ́ fi í hàn.

Nítorí náà, ọ̀nà tó yẹ láti ka irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí a tẹ̀lé ẹrù kan ṣoṣo láti inú ìwé kan sí òmíràn. A ó mú ilé àtùpà lórí àwòrán ojú ilé, níbi tó ti dà bí ẹni pé igbá òde ló gbé e. A ó wá a lọ sínú àwòrán àlàwò, a ó sì bá òkòtó níbẹ̀. A ó tẹ̀lé òkòtó sọ̀ kalẹ̀ dé orí ògiri tó fì, títí a ó fi dé orí òpó. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí pláànù láti mọ òpó wo ni, àti bí àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti èkejì ṣe fẹ̀ tó. Ibi tí ìwé méjì bá ti ń ta ko ara wọn, bí ògiri òkè tó ní ojú fèrèsé ní ìta ṣùgbọ́n tí kò ní yàrá lẹ́yìn, níbẹ̀ ni Wren fi ìpinnu rẹ̀ tó le jù lọ pamọ́ sí.