Owó Ẹyọ Mẹ́jọ àti Dáyámọ́ńdì Ṣáínà

Gbogbo àwa tí a ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àrokò mọ ohun tí owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ. Bí ẹnìkan bá fi í ránṣẹ́ sí ọ, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí ọ, nítorí pé "fà" wà nínú mẹ́fà. Bí owó ẹyọ náà bá di mẹ́jọ, ó ń wí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì jọ, nítorí pé "jọ" wà nínú mẹ́jọ. Ìró nìkan ló so iye yìí mọ́ ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀.

Àwọn ará Ṣáínà náà ka mẹ́jọ sí iye oríire, ìró ni wọ́n sì fi ń ṣe é bíi tiwa. Ní Mandarin, "ba" ni ẹẹ́jọ, ó sì sún mọ́ "fa", ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kí nǹkan gbèrú kí owó sì wọlé. Ẹẹ́rin ni wọ́n ń sá fún. "Si" ni wọ́n ń pè é, "si" náà ni ikú, ohùn nìkan ló yà wọ́n. (Lẹ́tà Yorùbá ni a fi kọ ọ̀rọ̀ Ṣáínà nínú àròkọ yìí. A kò fi àmì ohùn sí i, nítorí pé ohùn mẹ́rin ni Mandarin ní, wọn kò sì bá mẹ́ta tiwa mu.)

Èyí ló mú kí iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ gbé gbólóhùn ìpolówó láti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí èdè Ṣáínà di iṣẹ́ méjì. Ó ní láti tún gbólóhùn náà dá, kí ó sì tẹ́tí sí i bóyá ohun burúkú kan wà nínú ìró rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a ó fi ṣàlàyé iṣẹ́ méjèèjì.

Ní ọdún 1947, obìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Gerety, òǹkọ̀wé ìpolówó ní ilé-iṣẹ́ N. W. Ayer ní Amẹ́ríkà, kọ gbólóhùn kan fún De Beers, àwọn tí ń ta dáyámọ́ńdì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ń sọ ni pé dáyámọ́ńdì wà títí láé. Nígbà tí De Beers bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ní Ṣáínà ní àwọn ọdún 1990, wúrà ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń fún ìyàwó níbẹ̀, òrùka dáyámọ́ńdì kì í ṣe àṣà wọn. Gbólóhùn náà ní láti sọ ìdí tí òkúta àjèjì fi yẹ ní ìgbéyàwó.

Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò yé ènìyàn, ṣùgbọ́n yóò tẹ́ lẹ́nu bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Èyí tí wọ́n lò ni: "Suanṣi hẹn jiu yuan, yi kẹ yọn liuṣuan." Bí a bá dá a padà sí Yorùbá, ó ń sọ pé: "Dáyámọ́ńdì ń pẹ́, ó ń jìnnà, ẹyọ kan, a ó máa fi lé ara wa lọ́wọ́ títí láé." Ẹ ka sílébù rẹ̀: márùn-ún ní ìlà kìíní, márùn-ún ní ìkejì. Bí ewì Ṣáínà àtijọ́ kan ṣe rí nìyẹn, òpin ìlà méjèèjì sì dún jọra. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi kún un. Kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ nínú ọ̀rọ̀ Gerety, ṣùgbọ́n ìlà kejì yìí sọ òrùka di ogún ìdílé. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni àtúndá ti ju ìtumọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ẹni méjì ti di ọ̀rọ̀ ìran.

Ó ku ìtẹ́tísí. Ẹ jẹ́ kí a mú sílébù díẹ̀. "Jiu" tí ó túmọ̀ sí pípẹ́ bá "jiu" tí í ṣe ẹẹ́sàn-án mu ní ìró àti ní ohùn. Nítorí náà ni ẹẹ́sàn-án fi jẹ́ iye rere níbi ìgbéyàwó. Èrè ni èyí. "Ṣi," òkúta, ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bani, nítorí pé "ṣi" tí ó ní ohùn mìíràn ni òkú ènìyàn, òmíràn tún ni kí nǹkan sọnù. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ òkú nínú dáyámọ́ńdì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ikú nínú ẹẹ́rin? Ohùn kọ́ ni ìdáhùn, nítorí pé ohùn ya ẹẹ́rin àti ikú náà sọ́tọ̀. Ohun tí a rò ni pé ẹẹ́rin ń dá dúró, lára ilé tàbí lára fóònù, kò ní alábàárìn tí yóò sọ ohun tí ó jẹ́. "Ṣi" inú "suanṣi" ní ẹnìkejì tí ó di í mú. Bí "ọkọ̀ ojú omi" ṣe rí nìyẹn: kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní ọkọ ìyàwó.

Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a yẹ sílébù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn máa ń yí padà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pàdé. "Jiu" àti "yuan" ní ohùn kan náà nígbà tí wọ́n bá dá wà, ohùn tí ń wálẹ̀ kó tó gòkè. Bí wọ́n bá tẹ̀lé ara wọn, "jiu" yóò kàn gòkè ni. Ẹnu ni a fi ń yẹ gbólóhùn wò.

Ẹnu ta ni, nígbà náà? Ìtàn Tsang Hin-chi dáhùn èyí. Ní ọdún 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán táì ní Họng Kọng, Kìnnìún Wúrà sì ni orúkọ ọjà rẹ̀. Ìtàn tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó fún ìbátan rẹ̀ kan ní táì, inú ẹni náà kò sì dùn, nítorí pé létí rẹ̀, orúkọ Ṣáínà fún kìnnìún wúrà dún bí ìgbà tí a ń sọ pé ènìyàn pàdánù. Tsang kò sọ orúkọ náà nù. Ó fi wúrà sílẹ̀ ní ìtumọ̀, "gam" ní èdè Kantoní, ó sì fi ìró mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí kìnnìún ń jẹ́: "lei loi," èrè ń bọ̀. Goldlion di "Gam Lei Loi," wúrà àti èrè tí ń bọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a rí níbí ni pé àmì tí a kọ sílẹ̀ kò ní àbùkù. Kìnnìún ni, wúrà ni. Ìwé atúmọ̀ èdè kò lè fi àléébù yẹn hàn, etí ẹni tí yóò wọ táì ló gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò kọ gbólóhùn bíi mẹ́ta, yóò dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí èdè oníbàárà kí ó lè mọ ohun tí ó ń rà, lẹ́yìn náà yóò kà á sókè fún àwọn tí ẹ̀ka-èdè wọn yàtọ̀. Kò ní bi wọ́n pé "Ṣé ó dára?" nítorí pé ọmọlúàbí yóò ní ó dára. Yóò bi wọ́n pé, "Kí lẹ gbọ́?"

Àwa tí a wà ní Adó mọ ìdí rẹ̀. Ní Ọjà Ọba, "usu" ni ìyá kan ń tà, kì í ṣe iṣu, "ulé" ló sì ń lọ bí ilẹ̀ bá ṣú. Bí gbólóhùn ìpolówó Yorùbá bá ti Èkó wá, tí ẹnikẹ́ni kò kà á sókè fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ni ó yẹ kí a gbọ́ ọ.