Orúkọ tí aráyé ń pe orin, àti èyí tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan kí ẹ tó ka èyí lọ. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń gbọ́ orin lórí fóònù yín, kí ẹ tẹ orúkọ orin kan tí bàbá yín fẹ́ràn, bí bàbá yín ṣe ń pè é gan-an. Bó bá jẹ́ orin àtijọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ wá a tì. Kì í ṣe pé orin náà kò sí níbẹ̀ o. Ó lè wà níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ mú orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Ebenezer Obey kọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀ ní òde àríyá èyíkéyìí ní Ìgándò tàbí Ìkòtún, àwọn àgbà á ti máa rẹ́rìn-ín. Ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn ni, pé kò sí bó o ṣe fẹ́ ṣe é tí aráyé ò ní rí wí. “Ketekete” làwọn èèyàn ń pè é. Orúkọ tí wọ́n fi gbé e jáde lórí àwo ní ẹ̀wádún 1970 ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni: The Horse, the Man and the Son. Ẹ tún wò ó dáadáa: wọ́n ti sọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di ẹṣin!

Ẹ̀rọ tó ń wá orin fún wa kò mọ ìtàn kankan. Lẹ́tà tí o tẹ̀ ló ń fi wé lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sínú àyè tí wọ́n ń pè ní Title. Lóòótọ́, ó máa ń kọ́gbọ́n lára ohun táwọn èèyàn tẹ̀ àti ohun tí wọ́n wá yàn lẹ́yìn náà, ìdí nìyẹn tí orin olókìkí bíi ti Obey fi ṣeé rí. Àmọ́ olórin àpàlà tí àdúgbò mẹ́ta péré mọ̀, ta ló fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ nípa tiẹ̀?

Nítorí náà ìbéèrè tèmi ni: ta ló ń kọ nǹkan sínú àwọn àyè yẹn, láti ìgbà wo?

Ó ti pẹ́ ju íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ẹ̀mí lédè Yorùbá sórí àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Láyé ìgbà yẹn, ohun tó ká àwọn olówò àwo lára jù ni èdè tí wọ́n fi kọ orin, kí ẹni tó ń tà á ní Èkó má baà gbé àwo Haúsá fún ọmọ Yorùbá. Èdè ni wọ́n fi ń ya àwo sọ́tọ̀.

Nígbà tó di 1936, ilé-iṣẹ́ Parlophone gba orin Túndé King sílẹ̀, ọmọ Olówógbówó ní Èkó. Ara àwo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà “jùjú” ti kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí orúkọ irú orin. Àwọn èèyàn ti ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n látìgbà tí ó ti wà lára àwo, oníbàárà lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó ní “ẹ fún mi ní jùjú.” Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àyè Genre ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Fújì yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí mo sì fẹ́ràn nípa Síkírù Àyìndé Barrister nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ orin rẹ̀ lórúkọ. Ó ní àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan lòun rí ní pápákọ̀ òfuurufú, orúkọ náà sì wu òun. Olórin ló kọ nǹkan sínú àyè yẹn lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe olówò.

Olówò ò kúkú gbà bẹ́ẹ̀ títí. Ní oṣù kẹfà 1987, àwọn oní ilé-iṣẹ́ àwo kéékèèké kan pàdé ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Empress of Russia ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣòro wọn ni pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù ò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ to orin tó ti Áfíríkà àti ilẹ̀ míì wá sí. Wọ́n fẹnu kò lórí “World Music”. Bí jùjú, fújì, àti orin ilẹ̀ Bulgaria ṣe di aládùúgbò lórí pẹpẹ kan náà nìyẹn. Wọn ò ní èrò ibi lọ́kàn o, wọ́n kàn fẹ́ kí ọjà tà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwọn àwo ńlá ti Obey, Sunny Adé àti Barrister, ẹ̀gbẹ́ kan lè gba ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdúró. Orin mẹ́rin tàbí márùn-ún ló so kọ́ra wọn, oríkì gbajúmọ̀ kan wà láàárín, wọ́n á tún kí ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn àpò àwo, ìlà kan péré lè dúró fún gbogbo rẹ̀. Kò dà wá láàmú, torí ẹni tó ní àwo mọ ibi tó máa gbé abẹ́rẹ́ sí. Àmọ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music ti Sunny Adé jáde fáwọn ará òkè òkun ní 1982, wọ́n gé e sí ọ̀nà 7, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ tiẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àjèjì ò ní jókòó ti ẹ̀gbẹ́ odidi.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ẹ rántí àwọn bọ̀ọ̀dá tó máa ń jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ní Ìkòtún, tí wọ́n ń kó orin sínú mẹ́mórì káàdì fún wa? Orin MP3 ni wọ́n ń kó. Ní 1996, ẹnì kan tó ń jẹ́ Eric Kemp ronú kan ọgbọ́n kékeré kan, ID3: báìtì 128 tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìparí fáìlì orin, kí fóònù lè mọ ohun tó ń kọ. Bó ṣe rí nìyí:

```
TAG      3
title   30
artist  30
album   30
year     4
comment 30
genre    1
```

Lẹ́tà 30 péré fún orúkọ olórin. Ẹ wáá kọ “Alhaji Chief Sikiru Ayinde Barrister” síbẹ̀. Ohun tó máa kù ni “Alhaji Chief Sikiru Ayinde Bar”. Àwa táa máa ń fi gbogbo oyè kí olórin kí a tó dárúkọ rẹ̀, oyè yẹn ló jẹ orúkọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Àyè Genre ló tún wá burú jù. Nọ́ńbà kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, látinú àtòjọ irú orin 80 tí wọ́n ti tò kalẹ̀. Polka wà níbẹ̀. Fújì ò sí, jùjú ò sí, àpàlà ò sí. Ohun tó sún mọ́ wa jù ni “Ethnic” àti “Tribal”. Wọ́n tún fi kún àtòjọ yẹn nígbà tó yá, síbẹ̀ wọn ò rántí wa.

Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ gbé orin lọ sórí Spotify tàbí Apple Music máa gba ọwọ́ aṣojú kan, fọ́ọ̀mù sì ni aṣojú náà máa fún un. Orúkọ orin, orúkọ olórin, èdè, irú orin. Irú orin yìí, o máa ń yàn án látinú àtòjọ ni, o ò lè kọ tìẹ síbẹ̀. Bí tìẹ ò bá sí, tí o wá yan Afrobeats torí pé ó ń tà, àwọn tó ń gbọ́ ọmọ ogún ọdún ni ẹ̀rọ lè kọ́kọ́ gbé fújì rẹ lọ bá. Wọ́n á fò ó láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ̀rọ á sì ka ìfò yẹn sí ẹ̀rí pé orin náà ò dùn. Bó o ṣe máa mọ̀: lọ wo àwọn olórin tí wọ́n tò sísàlẹ̀ ojú ewé rẹ pé àwọn olólùfẹ́ rẹ tún ń gbọ́. Bí ìkankan nínú wọn kì í bá lu sákárà tàbí gángan, ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti ṣì ọ́ mọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí gígé orin. Ká ní ọ̀rẹ́ wa kan lu fújì ní òde kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n gba ìṣẹ́jú 40 sílẹ̀. Ó gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí orin kan, ó pè é ní “Live at Egbeda”. Spotify máa ń ka gbígbọ́ kan bí èèyàn bá ti gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹni tó gbọ́ ọ dé òpin àti ẹni tó gbọ́ ìṣẹ́jú kan, ẹyọ kan náà ni wọ́n jẹ́. Bí èèyàn 1,500 bá gbọ́ ọ lọ́dún, 1,500 náà ni.

Ká ní ó gé e sí 5. Bí gbogbo wọn bá gbọ́ ọ dé òpin, ó di 7,500. Àmọ́ òfin kan wà láti 2024: orin tí kò bá tó gbígbọ́ 1,000 láàárín oṣù 12, kò ní gbowó. Tí èèyàn 1,500 bá gbọ́ ọ̀nà méjì àkọ́kọ́, tí 400 péré dé mẹ́ta ìyókù, 3,000 ló máa gbowó, 1,200 ìyókù á lọ láìgbowó. Ó ṣì dáa ju 1,500 lọ. Àmọ́ ẹni tí olùgbọ́ rẹ̀ jẹ́ 800, gígé ò ràn án lọ́wọ́ fún owó.

Ohun tí gígé ń ṣe fún gbogbo wa ni orúkọ. Nínú ìṣẹ́jú 40 yẹn, ó ki alága ẹgbẹ́ awakọ̀ kan fún ìṣẹ́jú 9. Oríkì yẹn gan-an làwọn èèyàn ń béèrè. Kò sẹ́ni tó máa tẹ “Live at Egbeda”. Orúkọ alága ni wọ́n máa tẹ̀.

Ẹnì kan wà tó rí èyí ṣe dáadáa. Orin CKay, “Love Nwantiti”, jáde ní 2019. Nígbà tó gba orí TikTok kan ní 2021, ọ̀pọ̀ tó ń jó sí i láyé kò gbọ́ Ìgbò rárá. Ohun tí etí wọn gbé ni “ah ah ah”. Wọ́n sì ti fi í sínú orúkọ orin náà: “love nwantiti (ah ah ah)”. Orúkọ ìyá bí i ṣì wà, orúkọ tí àdúgbò sọ ọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọn ò ṣe fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìyẹn. Ẹ má wáá torí rẹ̀ fi orúkọ olórin míì tó lókìkí há inú orúkọ orin yín o. Wọ́n máa dá a padà.

Àyè kan ṣì kù tí olùgbọ́ kì í rí. Lórí Spotify for Artists, o lè kọ̀wé sáwọn tó ń to pléélísìtì nípa orin tí kò tíì jáde, lẹ́tà 500 péré. Ó kéré tán, ọjọ́ 7 kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ “orin yìí máa gbóná gan-an” síbẹ̀, ẹni tó ń kà á ò rí nǹkan kan mú nínú ìyẹn. Kọ pé fújì ni, pé gángan ló ń darí rẹ̀, pé òde ìgbéyàwó ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Wọ́n fún wa láyè láti kọ ọ̀rọ̀ tiwa, ẹ ò ṣe lò ó?

Tí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ má sáré yọ orin kúrò. Orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Ẹ ní kí aṣojú yín tún orúkọ tàbí irú orin ṣe, kí ISRC náà ṣì dúró, iye gbígbọ́ tẹ́ ẹ ti ní ò ní sọnù. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gé e ni, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa gba ISRC tuntun, òdo ni ẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Torí náà, ẹ pe bàbá yín kí ẹ tó gé e, ẹ tẹ orin náà sí i létí, kí ẹ kọ orúkọ tí ó bá pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.