Àṣìṣe Tó Jọra: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fi Ìdáhùn Wá Ẹni Tó Jíwèé Wò

Ní Kútọnu níbí, ìdáhùn kíkọ ló pọ̀ jù nínú ìdánwò bakaloréà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá kọ ohun kan náà, ojú olùkọ́ tó ń máàkì ló máa ń rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, máa ń fi ìbéèrè àṣàyàn ṣe apá kan nínú ìdánwò rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ á mú ọ̀kan nínú A, B, C àti D, ẹ̀rọ á sì máàkì rẹ̀. Àjọ náà ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ IDP láti wá àwọn tí ìdáhùn wọn jọra ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n lè dá èsì ẹni tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá tọ́ka sí dúró, ọdún kan sì lè ti bá a lọ. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ní 1927, Charles Bird tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe lè mọ ẹni tó jíwèé wò nínú ìdánwò oníbéèrè àṣàyàn. Àṣìṣe ló gbájú mọ́. Ẹni méjì tó mọ ìwé lè bá ara wọn pàdé níbi ìdáhùn tó tọ̀nà láìrí ara wọn rárá, ṣùgbọ́n ọ̀nà àṣìṣe pọ̀. Bird mú ìwé ìdáhùn méjì-méjì láìṣẹ̀ṣà, ó ka àṣìṣe tó bára mu nínú wọn, ó sì fi iye yẹn díwọ̀n àwọn tó fura sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì kùnà ìbéèrè 10 kan náà. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́ta tí kò tọ̀nà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fa ojú mọ́ra bákan náà, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìṣeéṣe pé wọn yóò yan ọ̀kan náà, nítorí náà a retí kí bíi 3 bára mu. Bí 9 bá wá bára mu ńkọ́? Irú èyí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nǹkan bí 2,800.

Ṣùgbọ́n àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà kì í fa ojú mọ́ra bákan náà, àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè ló sì yẹ kó tètè rí i. Arọ́pò-orúkọ «ó» nínú Yorùbá kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Bí ìbéèrè kan nínú ìdánwò Faransé bá ní ká yan arọ́pò-orúkọ tó bá obìnrin mu, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi Yorùbá ronú lè mú ti akọ, láìjí ìwé ẹnikẹ́ni wò. Ká ní nínú gbogbo ẹni tó kùnà, 70 nínú ọgọ́rùn-ún mú ìdáhùn kan, tí àwọn méjì yòókù sì gba 15 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣeéṣe pé ẹni méjì yóò jọ kùnà sójú kan ti ju ìdajì lọ. Bí ìbéèrè 10 náà bá rí bẹ́ẹ̀, kí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bára mu di ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 54. Yàrá kan tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 ní méjì-méjì 780 nínú. Bí gbogbo wọn bá kùnà ìbéèrè 10 wọ̀nyí, bíi 14 nínú àwọn méjì-méjì náà ni ètò yóò tọ́ka sí, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó jíwèé wò.

Títún ibi yìí ṣe ni ìtàn ọgbọ́n yìí láti ìgbà náà. Ní 1974, William Angoff fi àwọn tí kò ṣèdánwò níbì kan náà ṣe òṣùwọ̀n, nítorí wọn kò lè wo ìwé ara wọn. Ní 1977, Robert Frary àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa ènìyàn tó, àti bí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe mọ ìwé tó. James Wollack tún un ṣe sí i ní 1997. Síbẹ̀, ìṣòro kan kù: bí a bá fi ìdáhùn àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan lápapọ̀ ṣe òṣùwọ̀n, àṣìṣe tí ọmọ iléèwé kan jọ kọ́ lẹ́nu olùkọ́ kan náà, tàbí tí èdè abínibí wọn fà, lè dà bí ìjíwèéwò.

Ohun tó lè là á ni ìjókòó. Ní 1993, David Harpp àti James Hogan, olùkọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì Mákígì ní Mọ́ńtíríà, tẹ iṣẹ́ tiwọn jáde. Wọ́n rí i pé àwọn tí ètò wọn tọ́ka sí sábà máa ń jókòó ti ara wọn. Àṣìṣe tí èdè fà kì í mọ ẹni tó jókòó níwájú ẹni. Bí ìjọra bá wà láàárín àwọn tó jókòó nítòsí nìkan, ẹ̀rí wà. Bí ó bá tàn ká gbogbo yàrá, bóyá ohun tí olùkọ́ kọ́ wọn ni, tàbí èdè wọn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ló pe ìdáhùn sí gbogbo wọn létí. Iye kan ṣoṣo kò lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ìjọra ni ètò ń rí. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wá ohun tó fà á kí wọ́n tó fagi lé èsì ọmọ ọlọ́mọ.