Ẹ̀gbọ́n ni, kì í ṣe ọ̀gá

Àwa nọ́ọ̀sì Yorùbá mélòó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Bìrìtéènì la jọ pinnu pé ká kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré kan ní èdè wa, fún nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fa nọ́ọ̀sì tuntun lé lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Èmi ni wọ́n gbé bírò fún. Orí àkọlé ni mo ti há.

Lẹ́nu iṣẹ́, pirisẹ́pítọ̀ là ń pe ẹni náà, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ “ọ̀gá”. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tàbí ti aránṣọ, ẹni tí kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù ló ń ní ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì tuntun ti gba tirẹ̀: ó ti yege, orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, bó bá sì fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ìbuwọ́lù tirẹ̀ ni wọn yóò bá níbẹ̀. Nínú ìlànà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí níbí gbé jáde ní 2020, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ètò yìí kì í ṣe láti tún dán an wò. Bí “ọ̀gá” ṣe lọ nìyẹn, “olùkọ́” náà sì bá a lọ.

“Ẹ̀gbọ́n wọ́ọ̀dù” ló kù. Ọmọ ilé kan náà ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan kàn ṣáájú ni. Àléébù rẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ wa àbúrò kì í já ẹ̀gbọ́n níyàn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n náà lè ṣi oògùn kà. Nítorí náà mo kọ ọ́ sí ojú-ìwé kìn-ín-ní pé ẹ̀gbọ́n ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀: “Bó o bá rí i tí mo ń ṣe ohun tí kò yé ẹ, dá mi dúró.”

Ọ̀rọ̀ kejì kò pẹ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, wọn kì í ka nọ́ọ̀sì tuntun mọ́ iye àwọn tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo pè é ní “àlékún”, ẹni tó kọ́kọ́ kà á sì rò pé owó ófátáìmù ni mo ń wí. Mo pa ọ̀rọ̀ orúkọ tì, mo kọ gbólóhùn: “a kì í kà á mọ́ iye.” Rọ́tà ni wọ́n fi ń mọ òótọ́ rẹ̀. Bí wọ́ọ̀dù bá nílò nọ́ọ̀sì mẹ́rin, tí òun sì jẹ́ ìkẹrin wọn, wọ́n ti kà á nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n ṣèlérí fún un.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí ara aláìsàn bá ń yí padà. Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni, ọkùnrin kan ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun lánàá. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òdo ni máàkì NEWS2 rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, ó ń mí ní ìgbà 22 ní ìṣẹ́jú kan, máàkì 2. Ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 95, máàkì 1. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 104, máàkì 1. Ara rẹ̀ gbóná dé 38.2, máàkì 1. Ìfúnpá rẹ̀ dára, ó sì ń sọ̀rọ̀ geere. Kò sí ọ̀kan tó dẹ́rù bani níbẹ̀, àrọ̀pọ̀ wọn ló di 5. Nígbà tó bá sì ti dé 5, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ kíákíá, wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ni wọn yóò sì máa tún un yẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì tuntun yóò fẹ́ sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa wò ó ná.”

Fún bí yóò ṣe pe dókítà, mo ti kọ “fi ẹjọ́ sùn” tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe ni: ta ló ṣẹ̀? “Sọ fún” fúyẹ́ jù, èèyàn lè sọ kó sì bá tiẹ̀ lọ. “Ké sí” ni mo mú, torí ẹni tó bá ké síni ń retí kéèyàn dáhùn.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ ni pé kó má gba fóònù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tuntun. Kó dúró tì í, kó bi í kó tó tẹ nọ́ńbà: “Kí lo fẹ́ kí dókítà ṣe?” Àìrí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló ń bí “Mo kàn ní kí n fi tó yín létí ni, sà”, dókítà á ní ó ti gbọ́, á sì máa bá oorun rẹ̀ lọ. Gbólóhùn tí mo kọ sílẹ̀ ni: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.” Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ “ẹ jọ̀ọ́” kúrò, pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ di ẹ̀bẹ̀. Mi ò yọ ọ́. “Mo kàn” ni mo wá káàkiri inú ìwé náà, tí mo sì pa rẹ́.