Àárín Kókó Tó Ṣófo: Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Sẹ́ẹ̀lì B àti Sẹ́ẹ̀lì T Kì Í Gbé Yàrá Kan Náà

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí nǹkan kan tó wà lára gbogbo wa, tí a kì í rántí àfi ìgbà tó bá wú. Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ èèyàn, kókó lè yọ sí òkè itan rẹ̀. Bí ọ̀fun bá ń dunni, tí a fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n, a máa bá nǹkan kan níbẹ̀ tó dà bíi hóró ẹ̀wà. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀ sí i lọ́wọ́. Irú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún lọ́nà márùn-ún sí mẹ́jọ lára èèyàn kan. Mo fẹ́ sọ bí àwọn èèyàn ṣe mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí, torí pé ohun tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá nínú àwọn iṣan tín-ín-rín, omi díẹ̀ máa ń jò jáde sáàárín ẹran ara. Omi yìí ń ṣan ibẹ̀, ó sì ń gbé ohun tó bá bá níbẹ̀: kòkòrò àrùn, èérún ara kòkòrò, èérún ara tiwa náà. Lẹ́yìn náà, ó máa wọ àwọn iṣan mìíràn tó ń dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun là ń pè ní límfù. Lọ́dún 1622, oníṣègùn ará Ítálì kan, Gaspare Aselli, rí irú àwọn iṣan yìí nínú ikùn ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun, wọ́n funfun bíi wàrà. Kí límfù tó dé inú ẹ̀jẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba inú kókó kọjá, bí ọkọ̀ tí kò lè jáde nílùú láìgba gáréèjì. Èérún tí ara lè dá mọ̀ pé àlejò ni, tó sì lè gbógun tì, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní áńtíjìn.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá gé kókó sábẹ́ maikirosíkóòpù ni ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké roboto. Límfósáìtì ni orúkọ wọn, gbogbo wọn sì jọra bí ìbejì. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. James Gowans ní Ọ́sífọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó fi rọ́bà tín-ín-rín fa límfù jáde láti inú iṣan ńlá tó wà láyà eku. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, límfósáìtì tó ń jáde dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó dá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà padà sínú ẹ̀jẹ̀ eku náà, wọ́n tún fara hàn nínú límfù. Ní 1964, òun àti Julie Knight fi hàn pé inú kókó gan-an ni wọ́n ti ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú límfù. Arìnrìn-àjò ni wọ́n. Wọ́n máa ń yà sí kókó kan fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì tún gbéra.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìbéèrè kan wà nílẹ̀. Ní 1961, Jacques Miller ní Lọ́ńdọ̀nù ti yọ ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ táímọ́ọ̀sì kúrò láyà ọmọ eku tuntun. Àwọn eku náà kò lè kọ awọ ara eku mìíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára, àrùn sì ń tètè pa wọ́n. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì kan ń ti táímọ́ọ̀sì jáde tí ara kò lè ṣaláìní. Níbo wá ni sẹ́ẹ̀lì náà ń gbé?

Maria de Sousa ló wò ó dáadáa. Ọmọ Lísíbọ̀n ni, ní orílẹ̀-èdè Pọtogí, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó lọ bá Delphine Parrott àti June East ṣiṣẹ́ ní Mill Hill, ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo kókó àti ọlọ́ inú àwọn eku tí wọ́n ti yọ táímọ́ọ̀sì wọn lọ́jọ́ ìbí. Bí límfósáìtì bá kàn dín kù káàkiri, gbogbo kókó náà ì bá fọ́nká bákan náà. Kì í ṣe ohun tó rí nìyẹn. Etí kókó náà kún dẹ́múdẹ́mú bó ṣe yẹ. Àárín rẹ̀ ló ṣófo, bí ẹni fi ọwọ́ gbá a mọ́. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ láti ara eku kan dé òmíràn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1966, wọ́n sì pe àárín náà ní agbègbè tó gbára lé táímọ́ọ̀sì. Wọ́n tún fi àmì tó ń tan ìtànṣán sí ara sẹ́ẹ̀lì táímọ́ọ̀sì kí wọ́n tó dà á sínú ẹ̀jẹ̀ eku, àárín yẹn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún lọ. Ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì tó jọra lójú wa mọ ilé ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n pe èyí tó ti táímọ́ọ̀sì wá ní sẹ́ẹ̀lì T, wọ́n sì pe ìkejì, tó ń gbé létí kókó, ní sẹ́ẹ̀lì B. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì B ni láti ṣe áńtíbọ́dì.

Ohun tó ń pín wọn kì í ṣe ògiri. Kẹ́míkà ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dúró lójú kan létí kókó ń tú kẹ́míkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CXCL13 jáde, sẹ́ẹ̀lì B sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń tẹ̀ lé òórùn àkàrà. Àwọn tó wà láàárín ń tú CCL21, èyí ló ń fa sẹ́ẹ̀lì T. Ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò fi gbọ́ òórùn kan kò ní yà sí yàrá yẹn.

Ó wá ku bí áńtíjìn ṣe ń dé yàrá méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká mú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún wa ní apá òsì. Límfù láti apá náà máa gba iṣan rẹ̀ lọ sí kókó abẹ́ abíyá òsì. Iṣan náà gún èèpo kókó, ó sì tú omi rẹ̀ sí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lábẹ́ èèpo náà. Omi kì í ṣàn wọ inú kókó ní pẹrẹsẹ láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ yí kókó po, títí yóò fi jáde ní ìsàlẹ̀.

Lórí ilẹ̀ àlàfo yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní makirofáàjì. Orí wọn wà nínú omi, ìdí wọn wà nínú yàrá sẹ́ẹ̀lì B. Ní 2007, àwọn onímọ̀ wo kókó eku tó ṣì wà láàyè, wọ́n sì rí i pé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n gún fáírọ́ọ̀sì sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku, àwọn makirofáàjì yìí ti mú un. Wọn kò jẹ ẹ́ tán. Wọ́n dì í mú, sẹ́ẹ̀lì B tó ń kọjá nísàlẹ̀ sì ń fọwọ́ kàn án. Ohun ńlá bíi fáírọ́ọ̀sì kì í sábà gba ọ̀nà mìíràn wọ yàrá B.

Ohun kékeré ní ọ̀nà tirẹ̀. Páìpù tín-ín-tìn-tín kan wà tí wọ́n fi okùn kọlájíìnì ṣe, ó ti abẹ́ àlàfo náà lọ dé àárín, ní yàrá sẹ́ẹ̀lì T. Ohun tó bá wúwo ju nǹkan bíi 70 kílódálítọ́nù lọ kò lè wọ̀ ọ́. Purotéènì funfun ẹyin, tó jẹ́ nǹkan bíi 45, máa kọjá, fáírọ́ọ̀sì kò jẹ́ dánwò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka jókòó sí, wọ́n ń yọ áńtíjìn lẹ́nu rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì B lè dá odindi áńtíjìn mọ̀ bó ṣe wà. Sẹ́ẹ̀lì T kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹnì kan gbọ́dọ̀ gé e wẹ́wẹ́, kó sì gbé e hàn án. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka nìyẹn.

Àwọn kan lára sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka kì í gbé inú kókó. Awọ ara ni wọ́n wà. Wọ́n máa ń gbé áńtíjìn níbẹ̀, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn nínú límfù wá. Ní 2003, ẹgbẹ́ Marc Jenkins ní Mìnẹsótà fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó pẹ́ dé yìí wúlò. Wọ́n gún purotéènì tó ń tàn sí etí eku. Láàárín wákàtí mélòó kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka inú kókó ti ń fi í han sẹ́ẹ̀lì T. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn tó ti awọ wá dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n gé ibi tí wọ́n gún lára àwọn eku kan kúrò kíákíá, kí ọ̀wọ́ kejì má lè wá. Sẹ́ẹ̀lì T àwọn eku wọ̀nyẹn jí, wọ́n tilẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn náà, ara eku náà kò lè dáhùn bó ṣe yẹ. Ìròyìn àkọ́kọ́ jí wọn lójú oorun, ìkejì ló gbé wọn dé ojú ogun.

Lẹ́yìn èyí, yàrá méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Sẹ́ẹ̀lì B tó ti mú áńtíjìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn àárín, sẹ́ẹ̀lì T tó ti jí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn etí. Wọ́n pàdé lójú ààlà. Bí T bá rí i pé èérún tí B gbé wá bá èyí tí wọ́n fi han òun mu, á fún un láṣẹ láti máa pọ̀ sí i, kó sì ṣe áńtíbọ́dì tó dára. Bí wọn kò bá pàdé, áńtíbọ́dì tó lágbára kò ní wá. Òun ló fi jẹ́ pé àwọn ọmọ eku tí Miller yọ táímọ́ọ̀sì wọn kò ríṣẹ́ B ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ B wọn wà níbẹ̀ pérépéré.

Àárín kókó lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan yọ táímọ́ọ̀sì. Nínú kókó àwọn tó ní kòkòrò HIV tí wọn kò tíì lo oògùn, àwọn dókítà tó gé kókó wò rí kọlájíìnì tó ń ṣe àpá káàkiri yàrá sẹ́ẹ̀lì T. Bí àpá bá ṣe pọ̀ tó ni sẹ́ẹ̀lì T ń dín kù tó, torí ibi tí wọ́n ń gbé ti dí. Oògùn lè dá fáírọ́ọ̀sì dúró, ṣùgbọ́n àpá kì í tètè parẹ́, òun sì ni ọ̀kan lára ìdí tí iye sẹ́ẹ̀lì T àwọn kan kì í fi padà bọ̀ sípò dáadáa bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Maria de Sousa kú ní Lísíbọ̀n lóṣù kẹrin ọdún 2020, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà mú un. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Nígbà yẹn, káàkiri ayé ni wọ́n ti ń wá àjẹsára kòrónà. Nígbà tí àjẹsára náà dé, ọ̀pọ̀ èèyàn fọwọ́ kan abẹ́ abíyá wọn lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n bá kókó tó wú. Yàrá méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́.